Ọ̀sẹ̀ ìdánwò nọ́ọ̀sì: gbèsè oorun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ san

Nígbà tí òjò bá ti wọlé tán ní Ìṣàbà, ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí a máa di ẹrẹ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ bàtà àti mọ́ ẹsẹ̀ alùpùpù. Ẹni tí ó bá ní ibi pàtàkì tí ó fẹ́ dé láàárọ̀ kì í fi ìrìn àjò rẹ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ Ìṣàbà tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ èyí dájú, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ kò sí nítòsí: INMeS wà ní Kútọnù, IFSIO wà ní Parakú. Àmọ́ ẹni kan náà tí ó ń fi ọjọ́ méjì palẹ̀ mọ́ fún ọ̀nà lè máà fi ọjọ́ kan ṣoṣo palẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ fún ìdánwò. Yóò kà á lóru, yóò kà á lọ́sàn-án, yóò sì gbé ara tí ó ti rẹ̀ tẹnutẹnu wọ yàrá ìdánwò.

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fún àpẹẹrẹ, ọmọ Ìṣàbà, tí ó wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnù ní aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ó ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Pọ́bẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ òru ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ìwé pọ̀ nílẹ̀ tí kò tí ì kà tán. Ó wá pinnu pé òun yóò máa ṣiṣẹ́ lóru, òun yóò máa kàwé lọ́sàn-án, oorun ni òun yóò sì dín kù. Lójú rẹ̀, ìfara-ẹni-jìn ni. Ẹ wo bí ìṣirò rẹ̀ ti rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jí ní aago 6 òwúrọ̀. Ó kàwé títí di ìrọ̀lẹ́, ó gba iṣẹ́ ní aago 8 alẹ́. Nígbà tí aago 11 alẹ́ fi lù, ó ti pé wákàtí 17 tí kò tí ì sùn. Ní ọdún 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, kọ àbájáde ìwádìí wọn sínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n fi iṣẹ́ kan náà dán àwọn ènìyàn wò lẹ́ẹ̀mejì: nígbà kan wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn, nígbà kejì wọ́n fún wọn ní ọtí mu. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdajì gíráàmù nínú lítà kan. Ìwọ̀n yẹn ni òfin ilẹ̀ Faransé fi lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Nígbà tí wákàtí 24 bá sì pé, ó ti tó nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, wákàtí 24 náà pé ní aago 6 òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ní àkókò tí wọ́n ń wọn ìgbóná ara àwọn aláìsàn tí wọ́n sì ń pín oògùn òwúrọ̀. Bí ó bá wá ti ibẹ̀ lọ jókòó ti ìwé, ohun tí ó ń ṣe kò yàtọ̀ sí kí ọ̀mùtí máa kàwé.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ kì í hàn sí ẹni tí ó ń ṣe. Ní ọdún 2003, Hans Van Dongen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn ènìyàn kan máa sun wákàtí 6 péré lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọpọlọ wọn ti lọ́ra tó ti ẹni tí kò fojú ba oorun rárá fún odidi òru kan tàbí méjì. Bí wọ́n bá sì bi wọ́n léèrè, wọn a ní oorun kàn ń kùn àwọn díẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń sọ pé wákàtí mẹ́rin tó òun kò purọ́; ohun tí yóò fi mọ̀ pé kò tó òun gan-an ni àìsùn ti kọ́kọ́ mú kúrò. Nítorí náà kò yẹ kí ó fi bí ara ti ń ṣe é díwọ̀n. Ohun tí ó lè gbára lé ni àwọn àmì tí ó hàn sí ojú: pé ó ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, pé ó sùn lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó jókòó sínú ọkọ̀, pé ó kọ iye ìlù ọkàn aláìsàn sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ ti ìmí sí.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ọjọ́ Ajé tí ó ṣáájú ìdánwò, ìyẹn ọjọ́ méje gbáko, ni ó ti yẹ kí ó lọ bá ọ̀gá tí ó ń pín iṣẹ́, kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí iṣẹ́ ọ̀sán, tàbí kí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ọ̀nà ṣì wà. Kí ó sùn fún wákàtí kan àbọ̀ ní ọ̀sán kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ó bá dé ní òwúrọ̀, kí ó jẹun díẹ̀, kí ó sùn láti nǹkan bí aago 9 títí di aago 1, kí ó sì dìde bí oorun tilẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Bí ó bá sùn títí di ìrọ̀lẹ́, oorun alẹ́ kò ní wá mọ́, yóò sì gbé òru àti ọ̀sán tí ó ti yí padà náà lọ sí Kútọnù. Kò sì gbọdọ̀ sí iṣẹ́ òru kankan fún un lẹ́yìn Ọjọ́rú. Láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú jẹ́ òru mẹ́rin, òru mẹ́rin náà sì ni yóò fi san gbèsè: kí ó wọ inú àwọ̀n ẹ̀fọn ní aago 10 alẹ́, kí ó dìde ní aago 6, ìyẹn wákàtí tí yóò dìde ní ọjọ́ ìdánwò.

Wọ́n á ní ìgbà wo ni yóò wá kàwé? Òtítọ́ ni pé ìwé kíkà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn kò ṣe wọ́n ní àǹfààní púpọ̀. Wọ́n ń ka ojú ìwé kan náà lákàtúnkà, wọ́n ń fi kálámù aláwọ̀ fa ìlà sí i, ojú wọn sì ti mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n rò pé orí wọn náà mọ̀ ọ́n. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán èyí wò ní ọdún 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ọ̀rọ̀ kan ní àkàtúnkà. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà: àwọn tí ó pa ìwé dé tí wọ́n kọ ọ́ rántí nǹkan bí 56 nínú 100, àwọn tí ó ń tún un kà sì rántí 42. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi gbogbo òru kàwé fi ń sọ ní òwúrọ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n, tí ó sì ń pòórá mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ìbéèrè dé.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ìwé òfìfo kan. Kí ó kọ orí ọ̀rọ̀ kan sókè, bí àpẹẹrẹ, ìtọ́jú egbò Bùrúlì, tí Pọ́bẹ̀ ní ilé ìtọ́jú tirẹ̀ fún. Kí ó kọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò wò lára egbò náà, bí yóò ti wẹ̀ ẹ́, ohun tí yóò sọ fún aláìsàn nípa oògùn, láìṣí ìwé wò. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ṣí ìwé, kí ó fi àwọ̀ mìíràn kọ ohun tí ó gbàgbé. Ohun tí ó gbàgbé yẹn nìkan ni iṣẹ́ ọ̀la. Ìṣẹ́jú 40 báyìí, ìsinmi díẹ̀, ìṣẹ́jú 40 mìíràn, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́, tó. Ní ọjọ́ Àìkú, kò yẹ kí ó ṣí orí ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Ọ̀rọ̀ obì wá kàn. Nínú ilé Yorùbá, kò sí ohun tí a kọ́kọ́ ń fún ẹni tí kò fẹ́ sùn bí kò ṣe obì, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé káfíìnì, ohun kan náà tí ó wà nínú kọfí, wà nínú àbàtà àti gbànja. Àmọ́ ara máa ń lo nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ó tó lé ìdajì rẹ̀ jáde. Obì tí a jẹ ní aago 8 alẹ́, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní aago 1 òru. Kò tán síbẹ̀. Káfíìnì púpọ̀ a máa mú kí ọkàn lù kìkì, kí ọwọ́ gbọ̀n, kí inú máa ru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ obì mẹ́ta tí ó tún mu kọfí kí ó tó wọ yàrá ìdánwò yóò rò pé ẹ̀rù ni ó ń ba òun, nígbà tí ó jẹ́ pé obì ni. Ẹni tí ó ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ jáwọ́ lójijì ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí orí yóò máa fọ́ ọ. Kí ó kàn máà fẹnu kàn án lẹ́yìn aago 1 ọ̀sán, kí ó sì mu ìwọ̀n tí ó máa ń mu ní ọjọ́ ìdánwò, kí ó máà fi kún un.

Ewu tí ó ju obì lọ wà ní àyíká akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé àpótí oògùn kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń lo tìràmádọ́ọ̀lù kí ó má bàa rẹ̀ wọ́n. Oògùn ìrora ni, ó lè fa gìrì, ó sì ń di bárakú. Àwọn kan ń lo dáyásípáàmù kí ọkàn wọn balẹ̀. Ọkàn a balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn yìí ń dí ìrántí lọ́wọ́, ó sì ń pẹ́ lára ju òru kan lọ. Àwọn mìíràn gbọ́ pé pùròpùránólóòlù ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée lè kú sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a óò bi léèrè nípa àwọn èèwọ̀ oògùn ní ọjọ́ Ajé kò yẹ kí ó máa rú wọn ní ọjọ́ Àìkú.

Ó tún yẹ kí ó rántí pé kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ti ìdánwò. Ní ìgbà òjò, ibà wọ́pọ̀ ní agbègbè Plateau, ara ríro, orí fífọ́ àti àìlè-jẹun sì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà gẹ́lẹ́. Bí ara bá gbóná, kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má sọ pé ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Bí ó bá ń mí gúlegúle tí ó bá gun àtẹ̀gùn, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni kí ó ronú kàn kí ó tó ronú kan ìbẹ̀rù. Ẹni tí kò bá sì rí oorun sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tí ó ń ronú pé ó sàn kí òun kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ti ìmọ̀ràn ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìrìn àjò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Láti Pọ́bẹ̀, ọ̀nà gba Sakété àti Àjàṣẹ́ kí ó tó dé Kútọnù, ó sì lé ní 80 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó sàn jù, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹrẹ̀ nìkan. Ní òru àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá sùn ní ibi àjèjì, oorun rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Ní ọdún 2016, Masako Tamaki, Yuka Sasaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Brown fi hàn pé apá kan ọpọlọ a máa sùn ní fífúyẹ́ ju èkejì lọ ní irú òru bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé, ìró kékeré sì ń jí ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òru tí kò dára yẹn ti kọjá kí òru ọjọ́ Àìkú tó dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ó rìn dé ilé ìdánwò, kí ó mọ ẹnu ọ̀nà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó sì padà sílé. Bí oorun kò bá wá ní òru ọjọ́ náà, kí ó má dààmú: òru kan tí kò dára lẹ́yìn òru mẹ́ta tí ó dára kò tó ba ìdánwò jẹ́. Òru mẹ́rin tí a gé kúrú ni ó ń bà á jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó jẹ ohun tí inú rẹ̀ ti mọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà dára. Oúnjẹ tí kò jẹ rí kò dára. Kí ó mu omi, kí ó má sì dúró ní ẹnu ọ̀nà láàárín àwọn tí ń bi ara wọn ní ìbéèrè, nítorí ìbéèrè kan tí kò mọ̀ níbẹ̀ yóò bá a wọlé.

Bí ọkàn bá ń lù, ọ̀nà méjì wà tí a ti dán wò. Alison Wood Brooks rí i ní ọdún 2014 pé àwọn tí ó sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti wà lọ́nà ṣe dáadáa ju àwọn tí ó ń pàṣẹ fún ara wọn pé kí ọkàn balẹ̀. Ó rọrùn láti yí ìtumọ̀ ọkàn tí ń lù padà ju láti dá a dúró lọ. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti Gerardo Ramirez àti Sian Beilock, ní ọdún 2011: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù sórí ìwé kí ó tó wọlé. Ó ran àwọn tí ẹ̀rù ń bà jù lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó tún un dán wò lẹ́yìn náà kò rí èrè kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ìka ọwọ́ bá ń jó o bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀, ó ń mí yára jù ni, ó ń lé afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta dànù ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 4 mí sínú, kí ó fi 6 mí síta, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún.

Nígbà tí ìwé ìbéèrè bá dé, ibi tí ìbẹ̀rù ti ń ṣe ìpalára jù ni ìṣirò. Wo ìbéèrè yìí: kí a fa omi 500 mílílítà sí aláìsàn lára ní wákàtí 4, ẹ̀kán omi 20 ni ó wà nínú mílílítà kan, mélòó ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà mọ ọ̀nà rẹ̀, ó sọ 500 di ẹ̀kán 10000, ó wá fi 4 pín in, ó kọ 2500. Ó gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú. Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí:

500 × 20 ÷ (4 × 60) = 10000 ÷ 240 = 41,7

Ìdáhùn náà jẹ́ ẹ̀kán 42. Ìgbàlà ibẹ̀ ni pé kí ó kọ ìlànà náà sí orí ìwé àkọpamọ́ kí ó tó ka ìbéèrè kankan, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì tutù, àti pé kí ó fojú inú wo ìdáhùn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹ̀kán 2500 ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣe kíkán mọ́, odò ni. Ọ̀nà kejì tún wà láti yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ̀kán bá jẹ́ 20 nínú mílílítà, kí ó fi wákàtí ní ìlọ́po mẹ́ta pín iye omi. 500 tí a fi 12 pín yóò fún un ní 41,7 kan náà.

Ìdánwò tí a ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn le fún ọ̀pọ̀ ju ti orí ìwé lọ, nítorí pé ojú ń wo ọwọ́. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè láti mí. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń fọ̀ ọ́ ní mẹ́wàá, ó pàdánù máàkì, ó sì pàdánù ìsinmi. Kí ó fọ̀ ọ́ dé òpin, kí ó mí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún níbẹ̀. Kí ó kí aláìsàn bí ó ti yẹ, "Ẹ kú ara líle o, ìyá," kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ohùn rẹ̀ yóò dúró ṣinṣin bí ó bá ti ń sọ ọ́. Kí ó to irinṣẹ́ bí yóò ti lò wọ́n. Nígbà tí ó bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́, kí ó jókòó, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti ibùsùn; ọwọ́ tí ó wà ní afẹ́fẹ́ ni ó ń gbọ̀n jù. Bí ó bá ṣì ṣe àṣìṣe, bí àpẹẹrẹ tí ó fọwọ́ kan ohun tí kò mọ́, kí ó sọ ọ́ sókè, kí ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Olùdánwò tí ó rí nọ́ọ̀sì tí ó mọ àṣìṣe ara rẹ̀ ti rí ohun tí ó ń wá.

Bí ìdánwò bá pín sí méjì lọ́jọ́ náà, ìsinmi ọ̀sán kì í ṣe ti bíbéèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́. Kí ó jẹun díẹ̀, kí ó gbé orí lé tábìlì fún ìṣẹ́jú 20, kí ó máà kọjá ìyẹn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, kí ó má gun alùpùpù padà sí Ìṣàbà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni ara yóò béèrè gbogbo ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, kò sì ní wò ó pé ojú ọ̀nà Sakété ni ẹni náà wà. Kí ó sun Kútọnù, kí ó sì wá ọkọ̀ ní òwúrọ̀.